Òkú Tó Wá Béèrè Bàtà Rẹ̀

Ní ọdún 1725, ní abúlé Kisiljevo ní ilẹ̀ Sẹ́bíà, opó kan palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó sì sá lọ sí abúlé mìíràn. Ohun tó sọ ni pé ọkọ òun tí wọ́n ti sin wá bá òun. Ọkọ náà kò gé e jẹ lọ́rùn. Kò wọ agbádá dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàn án. Bàtà rẹ̀ ló wá béèrè.

Petar Blagojević ni orúkọ ọkọ náà, ọmọ abúlé lásán bíi gbogbo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó wà lára àwọn fámpáyà àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé lé lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fámpáyà tí àwọn ọ̀dọ́ ń wò nínú fíìmù lónìí, ọ̀dọ́kùnrin arẹwà tí ojú rẹ̀ funfun, tí ń gbé inú ilé ńlá, tí ìfẹ́ ń dà láàmú, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ènìyàn-ìkookò, ẹni tí ń di ìkookò, ẹranko igbó ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ajá ṣùgbọ́n tó rorò ju ajá lọ. Ti àtijọ́ yàtọ̀ sí ti òde òní, ìyàtọ̀ náà sì nídìí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu sàréè Petar.

Láti 1718 ni àríwá Sẹ́bíà ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì sí abẹ́ ọba Ọ́síríà. Ajẹ́lẹ̀ kan tó ń jẹ́ Frombald ló ń mójú tó agbègbè náà. Àwọn ará Kisiljevo wá bá a pé láàárín ọjọ́ mẹ́jọ péré, ènìyàn mẹ́sàn-án ti kú, tàgbà tèwe. Bí àìsàn bá ti kọlu ẹnìkan lónìí, kì í kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógún kí ó tó gbẹ́mìí mì. Kí wọ́n tó kú, wọ́n ń wí lórí ibùsùn pé Petar, tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nínú ilẹ̀, wá bá àwọn lójú oorun, ó dùbúlẹ̀ lé àwọn lórí, ó sì fún àwọn lọ́rùn. Àwọn ará abúlé fẹ́ hú òkú náà. Frombald bẹ̀ wọ́n pé kí òun kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá òun ní Bẹ̀ligíréèdì. Wọ́n ní ó tì o. Wọ́n ní láyé àwọn Tọ́kì, irú nǹkan báyìí ti run odidi abúlé kan, nítorí náà àwọn kò ní jókòó ti èsì lẹ́tà. Bí ajẹ́lẹ̀ kò bá gbà, àwọn yóò kó kúrò níbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tí abúlé rẹ̀ bá dahoro, lọ́wọ́ ta ni yóò ti gba owó orí? Frombald mú àlùfáà kan dání, ó tẹ̀lé wọn lọ sí ibi ìsìnkú.

Ohun tó rí níbẹ̀ ló kọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé kò parọ́. Ó ní òkú náà kò rùn. Yàtọ̀ sí imú rẹ̀ tó ti ń wó, ara rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Irun orí àti irùngbọ̀n rẹ̀ dàbí ẹni pé wọ́n ti gùn sí i, èékánná àtijọ́ ti bọ́, òmíràn sì wà nídìí rẹ̀. Awọ ara rẹ̀ ti bó bí ìgbà tí ejò bá bọ́ awọ, awọ mìíràn sì wà lábẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tútù wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ènìyàn rí èyí, inú wọn ru, wọ́n gbẹ́ ẹnu èèkàn kan ṣóńṣó, wọ́n sì gún un mọ́ ọkàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tú jáde lẹ́nu àti létí. Lẹ́yìn náà wọ́n sun ún di eérú. Frombald wá fi gbólóhùn kan gba ara rẹ̀ sílẹ̀: bí òun bá ṣe ohun tí kò yẹ, kí wọ́n má dá òun lẹ́bi, àwọn ará abúlé tí ẹ̀rù ti sọ di wèrè ni kí wọ́n bi. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún náà, ìwé ìròyìn kan ní Fiẹ́nà gbé ọ̀rọ̀ náà jáde.

Ọ̀rúndún méjì àti ààbọ̀ kọjá kí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Paul Barber, tó kó irú ìròyìn wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan ní 1988, tó sì fi wọ́n wéra pẹ̀lú ohun tí àwọn dókítà tí ń yẹ òkú wò mọ̀. Ó ní ojú àwọn ará abúlé kò tàn wọ́n, ìtumọ̀ ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ṣì. Òkú tó wà nínú ilẹ̀ jíjìn tó tutù kì í tètè rà. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rà, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, á sì wú gbàmù, ẹni tó gbẹ nígbà tó wà láyé á wá dàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Afẹ́fẹ́ yìí ni í ti omi pupa láti inú ẹ̀dọ̀fóró jáde sí ẹnu àti imú. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dì lè tún padà di omi. Awọ òkè á bó, èyí tó wà lábẹ́ á sì pupa bíi ti ọmọ tuntun. Irun kò hù rárá. Awọ tó ń súnkì ló fi í hàn síta. Bí èèkàn bá sì wọ inú òkú tó wú báyìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà jáde. Òkú mìíràn tilẹ̀ kérora nígbà tí wọ́n gún un, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó wà láyà rẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá.

Ìdí nìyí tí fámpáyà àtijọ́ fi rí bó ṣe rí. Ó sanra, ojú rẹ̀ pupa tàbí kí ó dúdú, aṣọ ìsìnkú wà lọ́rùn rẹ̀. Kò ní eyín gígùn, nítorí pé kò sí eyín gígùn lẹ́nu òkú tí wọ́n hú. Òkú gidi ni wọ́n ń wò, wọn kò jókòó ronú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń kó o náà yàtọ̀. Nínú fíìmù, ìgèjẹ ni. Ní abúlé Medveđa, ní Sẹ́bíà kan náà, ọ̀nà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arnaut Pavle já bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ tó kó koríko, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà ayé rẹ̀ ó ti sọ fún àwọn ènìyàn pé fámpáyà kan yọ òun lẹ́nu rí, àti pé òun jẹ erùpẹ̀ sàréè rẹ̀, òun sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa ara kí òun tó bọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ènìyàn mẹ́rin kú tí wọ́n fi sùn ún. Wọ́n hú u, wọ́n gún un, wọ́n sun ún. Ọdún bíi márùn-ún lẹ́yìn èyí, ikú tún bẹ̀rẹ̀, ènìyàn mẹ́tàdínlógún láàárín oṣù mẹ́ta. Ìjọba rán dókítà ológun kan, Johannes Flückinger, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní oṣù Kìíní 1732. Àlàyé tí àwọn ará ibẹ̀ ṣe fún un ni pé Pavle ti fọwọ́ kan àwọn ẹran ọ̀sìn pẹ̀lú, àwọn tó sì jẹ ẹran náà ló ń di fámpáyà. Ìyá àgbàlagbà kan, Milica, ni wọ́n ní ó dá a sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ ẹran àgùntàn méjì tí fámpáyà pa. Ọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ni wọ́n ń sọ, láyé tí kò sẹ́ni tó mọ kòkòrò àrùn. Flückinger àti àwọn ènìyàn rẹ̀ hú àwọn òkú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti rà, wọ́n dá a padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Èyí tí kò tíì rà, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sun ún, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sínú odò Moráfà.

Onkàwé Yorùbá lè rò pé àkúdàáyà ni gbogbo èyí. Wọ́n jọra díẹ̀, ṣùgbọ́n àkúdàáyà a máa sá lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, a fẹ́yàwó níbẹ̀, a sì máa ṣòwò jẹ́ẹ́jẹ́ títí ẹni tó mọ ikú rẹ̀ yóò fi pàdé rẹ̀ lọ́jà. Fámpáyà Sẹ́bíà kì í lọ síbì kankan. Ilé ara rẹ̀ ló ń padà sí, àwọn ìbátan àti aládùúgbò rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pa.

Ìwé Flückinger ni ó tan ọ̀rọ̀ náà ká Yúróòpù. Ní 1732 kan náà ni ọ̀rọ̀ “fámpáyà” wọ inú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1755, Ọbabìnrin Maria Theresa rán dókítà rẹ̀, Gerard van Swieten, kí ó wádìí irú rẹ̀ mìíràn. Ọkùnrin náà ní àìmọ̀kan pọ́ńbélé ni, ọbabìnrin sì fòfin de híhú òkú àti sísun ún. Ní ti àwọn àdán tí ń mu ẹ̀jẹ̀, Amẹ́ríkà Gúúsù àti Àárín nìkan ni ibùgbé wọn. Àwọn ará Yúróòpù ló fi orúkọ òkú Sẹ́bíà pe wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òǹkọ̀wé wá yí i padà, tí fámpáyà fi ń di àdán.

Báwo ni ọmọ abúlé yìí ṣe wá di ìjòyè? A lè tọ́ka sí ilé kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ní 1816, Lord Byron, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ewì àti ìṣekúṣe, yá ilé kan lẹ́bàá adágún Jẹ̀níífà. Òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde lọ́dún náà, nítorí eérú òkè Tambora tó bú gbàmù ní Indonéṣíà ní 1815 ti bo ojú ọ̀run. Byron ní kí olúkúlùkù àwọn àlejò kọ ìtàn ẹ̀rù. Níbẹ̀ ni Mary Shelley ti bẹ̀rẹ̀ Frankenstein. Dókítà Byron, John Polidori, ọmọ ogún ọdún, mú ìtàn tí ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí kò parí, ó sì sọ ọ́ di ti ara rẹ̀. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ kò rẹ́. Nítorí náà, nígbà tó ń wá irú ẹni tí fámpáyà rẹ̀ yóò jẹ́, kò wo ọ̀nà jìn: Lọ́ọ̀dù Ruthven jẹ́ ọlọ́lá tí ojú rẹ̀ ràn funfun, tí àwọn obìnrin ń wọ́ tọ̀ lẹ́yìn, tó sì ń ba ayé gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn jẹ́. Byron gan-an ni. Nígbà tí ìtàn náà jáde ní 1819, orúkọ Byron ni wọ́n tilẹ̀ fi sí i, ó sì tà wàràwàrà.

Láti ọjọ́ náà ni fámpáyà kò ti jẹ́ ará ilé ẹni mọ́. Ó di àlejò ọlọ́rọ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣílẹ̀kùn fún.

Bram Stoker ló tún un ṣe ní 1897. Òun kò dé Transylvania rí. Inú ìwé kan ní ilé ìkàwé Whitby ló ti rí orúkọ Dracula. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń dárúkọ ìwé rẹ̀ kò kà á, nítorí ó yẹ kí ó yà wọ́n lẹ́nu pé Dracula ń rìn ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù lọ́sàn-án gangan. Agbára rẹ̀ kàn dínkù ní ojúmọmọ ni. Ọ̀bẹ ni wọ́n sì fi pa á, kì í ṣe èèkàn. Ta ló wá sọ pé oòrùn ń pa fámpáyà? Fíìmù ni. Ní 1922, F. W. Murnau ṣe Nosferatu ní Jámánì. Ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó Stoker, wọ́n kàn yí orúkọ padà, wọ́n sì yí òpin ìtàn náà padà: ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bọ́ sára òkú náà, ó sì pòórá bí èéfín. Opó Stoker gbé wọn lọ sí kóòtù. Kóòtù pàṣẹ ní 1925 pé kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan bọ́. Ohun tí gbogbo ayé wá gbà pé ó jẹ́ èèwọ̀ fámpáyà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òpin fíìmù tí wọ́n fẹ́ sun níná ni.

Ó kan ènìyàn-ìkookò. Èyí kì í ṣe òkú rárá. Alààyè ni, ilé ẹjọ́ ni a sì ti rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní 1589, ní Bedburg lẹ́bàá Kọ̀lóònì ní Jámánì, wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Stumpp. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìyà hàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́: èṣù ló fún òun ní bẹ́líìtì kan, bí òun bá ti so ó mọ́ ìbàdí, òun á di ìkookò, bí òun bá tú u, òun á padà di ènìyàn. Ó ka àwọn ọmọdé tó pa lẹ́nu. Àwọn adájọ́ rán ènìyàn lọ wá bẹ́líìtì náà níbi tó júwe. Wọn kò rí i, wọ́n sì ní èṣù ló ti mú un lọ. (Ẹjọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ bá sọnù tí a tún wá sọ pé sísọnù náà ni ẹ̀rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i.) Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, wọ́n pa á ní ìpa ìkà, wọ́n sì sun òun, ọmọbìnrin rẹ̀ àti àlè rẹ̀.

Bẹ́líìtì, awọ, ìpara: irinṣẹ́ ènìyàn-ìkookò àtijọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gé e jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́, òun ló sì ń bọ́ ọ. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá, àwa tí a mọ ìtàn ọdẹ tó rí ẹfọ̀n níbi tó ti bọ́ awọ rẹ̀ tó di obìnrin, tí ọdẹ sì gbé awọ náà pamọ́ kó lè fi í ṣaya. Nítorí pé ènìyàn-ìkookò fúnra rẹ̀ ló yàn án ni kóòtù fi lè dá a lẹ́bi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi í yangàn. Ní 1691, ní agbègbè tó wà ní Látífíà òde òní, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Thiess, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, sọ fún àwọn adájọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ènìyàn-ìkookò ni òun, ajá Ọlọ́run sì ni àwọn. Ó ní àwọn máa ń lọ sí ọ̀run àpáàdì lọ́dọọdún láti gba ọkà tí àwọn àjẹ́ jí kó padà, àti pé ibẹ̀ ni ẹnìkan ti fi igi ìgbálẹ̀ fọ́ òun nímú. Imú rẹ̀ fọ́ lóòótọ́. Àwọn adájọ́ kò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe; wọ́n nà án ní pàṣán, wọ́n sì lé e kúrò nílùú.

Ẹni tó pa gbogbo èyí rẹ́ ni Curt Siodmak, Júù tó sá kúrò ní Jámánì nígbà tí Hitler gba ìjọba. Ní Họ́líwúùdù, òun ló kọ The Wolf Man, tó jáde ní 1941. Nínú rẹ̀, ọmọlúàbí kan, Larry Talbot, fẹ́ gba ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ ìkookò, ìkookò náà gé e jẹ, ó sì kó o. Kò fẹ́ ẹ, kò wá a, kò sì lè bọ́ ọ. Fàdákà nìkan ló lè pa á. Òṣùpá ti hàn nínú ìtàn mélòó kan láyé àtijọ́, ti Róòmù pàápàá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò di òfin. Fíìmù Larry kejì, ní 1943, ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìgbàkígbà tí òṣùpá bá ti kún ni ó gbọ́dọ̀ yí padà. Siodmak kọ ewì kúkurú kan sínú fíìmù àkọ́kọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ ọ́ láti orí ara rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù nìyí, lójú ẹni tó kọ èyí. Abúlé Kisiljevo ń wá ẹni tó ń pa wọ́n, kóòtù Bedburg ń wá ọ̀daràn. Wọ́n nílò ẹni tí wọn yóò dì mú. Òǹkọ̀wé nílò ẹni tí ònwòran yóò káàánú tàbí kí ó fẹ́ràn, nítorí náà ó gba ẹ̀bi lọ́wọ́ ìkookò, ó fún un ní ìrora, ó sì fọ ojú òkú mọ́ kí ó lè jẹ́ arẹwà.

Ohun kan ṣì kù. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni fíìmù bíi Underworld àti Twilight ti ń fi fámpáyà àti ènìyàn-ìkookò hàn bí ọ̀tá tí kò lè jókòó pọ̀. Ní 1818, Vuk Karadžić tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Sẹ́bíà jáde. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ vukodlak wà, tí “vuk” inú rẹ̀ túmọ̀ sí ìkookò. Ìtumọ̀ tí Karadžić fún un ni òkú tí ẹ̀mí èṣù wọ̀ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, tó ń jáde lóru láti fún àwọn ènìyàn lọ́rùn, tó sì máa ń bẹ ìyàwó tó fi sílẹ̀ wò.